Bí A Ṣe Ka Àgírímẹ́ńtì Bí Ẹsẹ Bíbélì ní Òkukù

Ìwé tí ajẹ́ńtì wa kì sábẹ́ ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn kò ju ìlàjì ojú ewé lọ, ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí omi tíì mi tó hó. Owó ilé ló kọ́kọ́ kọ. Ìyẹn kò burú, ọdún mi ń parí lọ nínú ilé náà. Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú mi gbé ife kalẹ̀: owó ajẹ́ńtì, owó lọ́yà, kọmíṣọ̀n. Bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí mi wọ Ìkìrun ni.

“Ilé tí mo ń gbé,” mo bi ògiri, “ṣé ó tún bá mi wá a ni?”

Lọ́yà wo ló kọ kí ni? Kọmíṣọ̀n orí kí ni? Ìwé náà kò sọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé Olúwa yóò bùkún wa, pé bí a kò bá san gbogbo rẹ̀ kí oṣù tó parí, àwọn kan wà tó ń dúró de ilé náà.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ajẹ́ńtì. Lọ́dún tí mo wọlé, mo san owó ajẹ́ńtì láìkùn, nítorí ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ ni mo wà tí a fi yí Ìkìrun po. Ilé àkọ́kọ́, kànga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní pálọ̀. Nílé kejì, ìyá onílé béèrè ìjọ tí mò ń lọ, ó béèrè bóyá mo máa ń gúnyán lálẹ́, ó sì ní òun kò gba ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sókè. Ilé kẹta ni mo gbà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún kan fún un, ìdá kan nínú mẹ́wàá fún lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ńtì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Àmọ́ mo bá a jà lórí ohun kan. Ó ti ro owó ilé pọ̀ mọ́ kọ́ṣàn, owó tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́, ó wá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí àpapọ̀ rẹ̀.

“Ọ̀gá ajẹ́ńtì,” mo ní, “owó mi ni kọ́ṣàn. Bí mo bá kó jáde tí ilé ò bàjẹ́, ẹ ó dá a padà fún mi. Ṣé orí owó tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú lẹ tún fẹ́ jẹun ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Àǹtí, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ tíṣà ti fi yín ṣòfò.” Ó tún un ṣe. Mo gba rìsíìtì owó ilé lọ́tọ̀, ti ajẹ́ńtì lọ́tọ̀, ti lọ́yà lọ́tọ̀, ti kọ́ṣàn lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé a óò dá a padà, nítorí owó tí wọ́n bá kó sínú rìsíìtì kan tí wọ́n pè ní “owó ilé àtàwọn yòókù” kò ní ẹni tó lè bá a jiyàn lọ́la. Mo sì jókòó sí ọ́fíìsì lọ́yà títí gbogbo ẹni tó yẹ kó buwọ́ lùwé fi buwọ́ lù ú, mo mú ẹ̀dà tèmi lọ sílé. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí àga gbé.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ọkàn tèmi balẹ̀. Inú ló ń bí mi, ẹ̀rù kò bà mí. Ẹni tí ẹ̀rù bà ni aránṣọ tó wà níwájú ilé.

Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú ilé náà. Ẹ̀yìn ni tèmi. Ti òun ni ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ oríta àti yàrá tó so mọ́ ọn. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó ti ń ránṣọ níbẹ̀ ṣáájú kí n tó dé, gbogbo ènìyàn ló sì fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń júwe ọ̀nà. Nígbà tí mo yọ sí i, ìwé tirẹ̀ wà lórí tábìlì lábẹ́ sísọ́ọ̀sì.

“Tíṣà, o ti gba tìrẹ?”

“Mo ti gbà á, Àǹtí mi. Mi ò ní san ju owó ilé lọ.”

“Ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ, wàá gbé ìwé ẹ, wàá lọ. Èmi ńkọ́? Ṣé kí n gbé oríta lọ ni?”

Ó wá sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Inísà ti gbà láti fún un ní aṣọ àwọn ọmọ wọn rán, bí ó bá lè ní ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, nítorí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kò lè rán an tán kí wọ́n tó wọlé. Ó ti tọ́jú owó tó máa kọ́kọ́ san lórí ẹ̀rọ náà. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà, ìyẹn wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn owó mẹ́ta yòókù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, kò sì sí ibi tí yóò ti yọ ọ́ àfi nínú owó ẹ̀rọ. Bó bá san án, iṣẹ́ Inísà lọ. Bí kò bá san án, ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

“Kí ni àgírímẹ́ńtì yín sọ?” mo bi í.

“Àgírímẹ́ńtì wo? Ọwọ́ ajẹ́ńtì ló wà. Ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀.”

“Ẹ̀yin ò kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú?”

“Wọ́n fi ìka hàn mí ibi tí mo máa buwọ́ lù, mo buwọ́ lù ú. Ṣé kí n máa ka ìwé lójú wọn bí ẹni tí kò gbà wọ́n gbọ́?”

Ẹ ò rí nǹkan? Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Obìnrin tí kì í gba yáàdì aṣọ kan lọ́wọ́ oníbàárà láìfi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ka ìwé kíkà sí àrífín.

Ó ní kí n mú tèmi wá kí a fi bá ajẹ́ńtì jà. Tèmi dára: ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí mo bá wọlé ni mo máa san owó ajẹ́ńtì àti ti lọ́yà. Ṣùgbọ́n mo mi orí. Àgírímẹ́ńtì mi kò lè jẹ́rìí fún un. Ohun tí ènìyàn buwọ́ lù ló dè é. Olùkọ́ kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Inísà tí tirẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé yóò san owó ajẹ́ńtì “nígbà tó bá wọlé àti nígbàkúùgbà tó bá tún owó ilé san.” Gbólóhùn kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń jẹ ẹ́ lẹ́ran lọ́dọọdún, kò sì rí nǹkan ṣe sí i, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi buwọ́ lù ú. Bí ti aránṣọ bá rí bẹ́ẹ̀, àfi kó lọ bẹ̀bẹ̀.

A pe ajẹ́ńtì. Aránṣọ gbé fóònù sórí tábìlì kí n lè máa gbọ́.

“Màmá mi, ìwé yín wà ní àpamọ́,” ohùn rẹ̀ ń dún kẹlẹkẹlẹ. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kà á.”

“Ẹ fẹ́ kà á? Ṣé ara yín yá?”

Ó ní òun yóò wá a. Títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ṣì ń wá a. Ìgbà tí mo sọ pé kí a lọ bá onílé fúnra rẹ̀ ní Òkukù, ó ní bàbá kì í fẹ́ rí ayálégbé, pé ara bàbá kò le, pé ariwo kò dára fún un. Mo ní kí ló dé tí ẹ̀dà ti onílé kò fi ní wà lọ́wọ́ onílé. Fóònù já.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi náà ni, mo mọ gbogbo kòtò rẹ̀ títí dé Inísà. Aránṣọ kò tíì jókòó dáadáa tó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún obìnrin tó gbé búrẹ́dì lẹ́sẹ̀, kí a sì tó kúrò ní Ìkìrun, ẹjọ́ wa ti di ẹjọ́ gbogbo ọkọ̀.

“Ẹ san án, ẹ jàre,” ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn sọ. “Gbogbo ayé ló ń san án.”

“Gbogbo ayé náà ló ń kú,” obìnrin oníbúrẹ́dì dá a lóhùn. “Ṣé ìwọ náà fẹ́ kú lónìí?”

Awakọ̀ ní ti òun le jù, pé ajẹ́ńtì tòun gba owó pé ó fi ilé han òun, ó tún gba owó pé ó fi òun han onílé. Bàbá àlùfáà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, “Súbúhánálláhì. Ṣé kò gba owó pé ó fi ọ́ han ara rẹ?” A rẹ́rìn-ín dé Inísà. Nígbà tí bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí aránṣọ. “Ìyá, ẹ ṣáà bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni owó kọ̀ọ̀kan ṣe. Owó tí kò bá ṣiṣẹ́, tí kò sì sí nínú ìwé, ọ̀lẹ ni.” Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Onílé wa ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì, ó sì jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Orí àkàbà lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ ni a bá a, ó ń fi ọ̀pá já ìbẹ́pẹ, ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ńlá, ó ń bú u kó sọ̀ kalẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Àwa ayálégbé yín ti Ìkìrun ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. “Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ ò fẹ́ rí mi?”

Èmi àti aránṣọ wo ara wa. Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ti gbé ìbẹ́pẹ síwájú wa. A jẹ, a sọ ohun tó gbé wa wá, bàbá sì gbọ́ ọ tán. Ó gbé fóònù, ó ní kí ajẹ́ńtì wá. Ajẹ́ńtì ní òun wà ní Òṣogbo. Bàbá ní kó máa bọ̀ láti Òṣogbo náà. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kadà rẹ̀ fi dún lẹ́nu ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó bàbá fi ní Òṣogbo ti sún mọ́ tòsí láyé ìsìnyí.

“Àǹtí,” ajẹ́ńtì kí mi, “ẹ wá jẹ ìbẹ́pẹ?”

“A wá kàwé,” mo ní.

Bàbá ti mú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde látinú àpótí ìwé, àgírímẹ́ńtì ti aránṣọ. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Mo ti múra tán láti ṣàlàyé rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bàbá fà á sẹ́yìn.

“Rárá o. Nínú ilé yìí, ẹnìkan kì í ka ìwé fún gbogbo wa.”

Pálọ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì àdúgbò, bẹ́ǹṣì wọn sì wà ní yíyí po síbẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé kálukú yóò ka ẹsẹ kan bí wọ́n ṣe jókòó tẹ̀ léra, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e nínú rẹ̀ kí ẹni kejì tó gbà á. Bí a ṣe máa ka àgírímẹ́ńtì nìyẹn. Ìyàwó bàbá ní ṣé kí a kọrin ná. Bàbá ní kò kan orin. Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀ lé e, èmi, aránṣọ, lẹ́yìn náà ajẹ́ńtì tó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, kí ó tún padà sórí bàbá.

Ẹsẹ àkọ́kọ́ sọ orúkọ ilé àti ti àwọn tó ń bá ara wọn ṣàdéhùn. Ìyàwó bàbá ka iye owó ilé, ó ní, “Ó wọ́n díẹ̀.” Ọkọ rẹ̀ ní kó sọ ohun tó yé e, kó má sọ èrò rẹ̀. Tèmi dá lórí ọjọ́ tí ọdún yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ dé ibi tí bàbá fi ní, “Ó ti yé wa, Tíṣà.” Aránṣọ ka ti kọ́ṣàn, pé wọ́n á dá a padà bí ilé kò bá bàjẹ́. Ó gbé ojú sókè. “Wọ́n á dá a padà? Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn!” Ẹsẹ karùn-ún bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì: ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ ṣe ọ̀sìn nínú ilé. Ẹ rí i bó ṣe ṣàlàyé! Ó sọ ti ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó sọ ti ariwo, ó sọ ti òbúkọ. Wàásù ni.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá. Nígbà yìí, mo yọjú wo ìwé náà, mo ka iye ẹsẹ tó kù, mo sì ka iye àwa tó jókòó. Mo rí ọ̀rọ̀ “ajẹ́ńtì” nínú ẹsẹ kẹwàá, àmọ́ n kò rí ìyókù. Àtàǹpàkò bàbá ló bo ìlà náà. Orí ajẹ́ńtì ni ẹsẹ kẹwàá máa bọ́ sí.

Bàbá ka kẹfà. Ìyàwó rẹ̀ ka keje. Mo ka kẹjọ, lórí kíkun ilé lọ́dà, ìgbà yìí mi ò ṣàlàyé púpọ̀. Aránṣọ ka kẹsàn-án díẹ̀díẹ̀, ó tún un kà, ó wá ní, “Ohun tó yé mi ni pé bí mo bá san owó ọdún mìíràn kí ọdún tó parí, tí onílé sì gbà á, mo ṣì wà nínú ilé lórí àdéhùn yìí kan náà. Kò dìgbà tí a bá kọ ìwé mìíràn. Rìsíìtì ti tó.”

“Ó yé ọ dáadáa,” bàbá sọ.

Ó na ìwé sí ajẹ́ńtì. Ajẹ́ńtì wò ó, ó húkọ́. Ó ní ojú ń dùn òun. Ìyàwó bàbá fún un ní gíláàsì tirẹ̀, èyí tó ní òdòdó létí. Kò sí bí kò ṣe ní gbé e wọ̀.

Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gun òkè. Nígbà tó parí, ó fẹ́ dá ìwé náà padà.

“Ohun tó yé ọ?” bàbá bi í.

“Ó yé mi pé…” Ó yọ gíláàsì. “Pé ìgbà tí ayálégbé bá kọ́kọ́ wọlé ló máa san owó ajẹ́ńtì àti ti lọ́yà, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Parí ẹ̀.”

“Ìgbà yẹn nìkan. Àti pé bí wọ́n bá tún máa kọ àgírímẹ́ńtì tuntun, ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ ọ́ ló máa san owó lọ́yà.”

Aránṣọ di ọwọ́ mi mú, ó sì fún un débi tó dùn mí.

Ajẹ́ńtì kò tíì gbà. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ tuntun nígbà náà.”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́? Mi ò fi kọ́bọ̀ kún owó ilé. Kí ni lọ́yà fẹ́ kọ?”

“Kọmíṣọ̀n ńkọ́, sà? Èmi ni mò ń gba owó ilé fún yín. Mò ń jó epo.”

Bàbá gba ìwé, ó ka ẹsẹ tirẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó sì sọ ohun tó yé e tìyanutìyanu: kọmíṣọ̀n ẹni tó ń bá onílé gba owó, inú owó ilé ni onílé yóò ti yọ ọ́ fún un. “Ìwọ ọmọkùnrin yìí, èmi ti ń fún ọ! Ọdọọdún ni mò ń yọ ọ́ fún ọ! O ń jẹ lápá ọ̀tún mi, o tún fẹ́ jẹ lápá òsì wọn?”

Ajẹ́ńtì ronú sí i. Ó wo aránṣọ, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. “Ẹ má bínú, Màmá. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹni náà bá san án, ó san án.”

“Bí kò bá sì san án, ẹ ní àwọn kan ń dúró de ilé,” mo ní. “Ta làwọn wọ̀nyẹn gan-an?”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jẹ ìbẹ́pẹ.”

Lójú gbogbo wa ni aránṣọ san owó ilé rẹ̀, bàbá sì kọ rìsíìtì fún un pé owó ọdún kan ni, owó ilé nìkan, kò ku nǹkan kan. Mo san tèmi náà, mo sì ní kí wọ́n tún kọ ọjọ́ tí ọdún náà yóò parí sí i. Ìyàwó bàbá bi mí bóyá mo ti lọ́kọ, nítorí ó káàánú ẹni tó bá jẹ́ ọkọ mi. A ní kí ajẹ́ńtì lọ ṣe ẹ̀dà àgírímẹ́ńtì aránṣọ lẹ́bàá ọjà. Owó ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

A kò dé Ìkìrun tààrà. Ní Inísà, aránṣọ ní kí awakọ̀ dúró, ó wọlé tọ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ, ó sì ka owó rẹ̀ síwájú rẹ̀ láìdín.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ rédíò mi mọ́, mo sì ti lọ fi ẹjọ́ ìyẹn náà sun ún. Ó ní kí n lọ wò ó nínú àgírímẹ́ńtì bóyá ó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Mo wò ó. Ewúrẹ́ nìkan ló kà léèwọ̀.

Ajẹ́ńtì ló kọ́kọ́ mú aṣọ wá síbi ẹ̀rọ tuntun, ó fẹ́ rán ṣòkòtò méjì. Aránṣọ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: owó ìwọ̀n, owó gígé, owó rírán, owó pé òun wo aṣọ náà.

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. “Màmá, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?”

Ẹ̀rín pa wá. Aránṣọ gba owó rírán nìkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní rìsíìtì.